Mo ń jẹun gan-an kí n lè tóbi, kí ló dé tí ikùn ló ń yọ ju apá lọ?

Ọmọ Tẹ́ẹ́rẹ́ béèrè:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà jíìmù. Oṣù 3 nìyí tí mo ti ń gbé irin, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Wọ́n ní kí n máa jẹ gbogbo ohun tí ojú mi bá rí kí n lè tóbi. Nǹkan bí 3,600 kálórì ni mò ń jẹ lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ 2,600 ló ń mú mi dúró lójú kan tẹ́lẹ̀. Kílò 70 ni mo wà, mo ti wọ 78. Apá mi tóbi díẹ̀, ṣùgbọ́n ikùn ló ń ṣáájú. Ṣé n kò tíì jẹ tó ni, àbí mo jẹ jù? Èló gan-an ló yẹ kí n fi lé oúnjẹ mi?

---

Apá Bí Irókò:

Àbúrò, má jẹ́ kí ikùn dẹ́rù bà ọ́. Kò sẹ́ni tó tóbi láìjẹun. Àwọn tí apá wọn dà bí itan yẹn, lọ bi wọ́n léèrè iye ẹyin tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀. Máa jẹ, máa gbé irin, ọ̀rá tó bá bá a wá, a ó fọ̀ ọ́ kúrò tó bá yá. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa sọ ni pé kí àlékún yẹn jẹ́ purotéènì. Purotéènì ni iṣan, purotéènì kì í di ọ̀rá. Bóyá ìrẹsì àti búrẹ́dì lo fi kún 1,000 yẹn, ìyẹn ni ikùn fi ń yọ.

---

Olùkọ́ Irin:

Pé èèyàn gbọ́dọ̀ jẹun kó tó tóbi, òótọ́ ni Apá Bí Irókò sọ. Ibi tí mo ti yà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé iṣan kì í yára dàgbà bí oúnjẹ ṣe ń pọ̀ sí i. Irin tí o gbé ló ń sọ fún iṣan pé kó dàgbà. Ohun tí yóò fi dàgbà ni oúnjẹ ń pèsè. Tí ìpèsè yẹn bá ti tó, èyí tí o bá tún kó lé e kò níṣẹ́ tó máa bá iṣan ṣe mọ́. Ara á jó díẹ̀ níbẹ̀, á sì fi ìyókù pamọ́ sínú ọ̀rá.

Iye iṣan tí ara lè ní láàárín oṣù kan kò pọ̀. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó ń gbé irin bó ṣe yẹ, tó sì ń sùn dáadáa, lè rí ìdajì kílò sí kílò kan lóṣù. Obìnrin máa ń rí nǹkan bí ìdajì ìyẹn. Ẹni tó ti lo ọdún mélòó kan nídìí rẹ̀, tó bá rí ìdá kan nínú mẹ́rin kílò lóṣù, kó dúpẹ́.

Wàyí o, kí ló wà nínú kílò iṣan kan? Omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Purotéènì inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 200. Tí a bá ṣírò gbogbo agbára tó wà nínú rẹ̀, kò tó 2,000 kálórì. Ara tún ń ná agbára láti kọ́ ọ, nítorí náà jẹ́ ká yọ̀ǹda púpọ̀, ká sọ pé 4,000 ló máa gbà. Fi ọjọ́ 30 pín in: kò pé 140 kálórì lójúmọ́ fún ẹni tó ń rí kílò kan gbáko lóṣù. Ìwọ ń fi 1,000 lé e.

Jẹ́ ká ṣírò tìrẹ. Oṣù 3, ká pè é ní ọjọ́ 84, jẹ́ 84,000 kálórì àlékún. Tí o bá rí kílò iṣan 2, èyí tó dáa fún ẹni tuntun, 8,000 ló bá a lọ. Kù 76,000. Ara tó wúwo sí i ń ná agbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, dída oúnjẹ púpọ̀ náà ń ná tirẹ̀, ìyẹn á jó lára rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù ni ọ̀rá, kílò ọ̀rá kan sì ń gba nǹkan bí 7,700 kálórì. Nínú kílò 8 tí o fi wúwo sí i, mo rò pé iṣan kò ju 2 lọ, omi àti oúnjẹ inú ìfun lè tó 1, nǹkan bíi 5 ló máa jẹ́ ọ̀rá.

Fa téèpù yí ikùn rẹ ká níbi ìdodo, kí o tún fà á yí apá rẹ ká. Tí o bá ní èyí tí o wọ̀n kí o tó bẹ̀rẹ̀, fi wọ́n wéra, kí o wá sọ fún wa.

---

Jẹun-Má-Sanra:

Ọ̀rọ̀ yìí kò kan gbogbo èèyàn o. Èmi ń jẹ àlékún 1,000 náà, ó ti ju oṣù 2 lọ, òṣùwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tó wà. Kò sí ikùn, kò sí apá. Bí èmi bá ní kí n fi 140 péré lé oúnjẹ mi, ṣé kì í ṣe pé n óò máa tẹ́ẹ́rẹ́ sí i ni? Àwa kan wà tí oúnjẹ kì í mú. Ìṣirò tó ṣe fún Ọmọ Tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, tí a bá ṣe é fún mi, ó yẹ kí n ti sanra báyìí. Ta ló ń jẹ àlékún yẹn mọ́ mi lọ́wọ́?

---

Olùkọ́ Irin:

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Lọ́dún 1999, James Levine àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún èèyàn 16 ní 1,000 kálórì àlékún lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá púpọ̀. Ẹni tí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ sí i díẹ̀ jù lọ fi kílò 0.36 pọ̀ sí i, ẹni tó pọ̀ jù lọ fi kílò 4.23 pọ̀ sí i. Iye oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn jẹ lé tiwọn. Ohun tó ya wọ́n sọ́tọ̀ jù ni bí ara àwọn kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ká, tí wọ́n ń mi ẹsẹ̀, tí wọn kò lè jókòó sójú kan, láì mọ̀ pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí o wà lára irú wọn.

Àmọ́ kí o tó gbà bẹ́ẹ̀, wo bí o ṣe ń ka oúnjẹ rẹ. Ẹni tó bá ní òun ń jẹ 1,000 lé e, tí òṣùwọ̀n kò sì kúrò rárá, mo máa ń ní kó gbé ìwọ̀n kékeré sí ilé ìdáná. Lọ́pọ̀ ìgbà ọjọ́ tó jẹun púpọ̀ ló rántí, kò ka ọjọ́ tí kò jẹun ọ̀sán. Òmíràn wà tó ń jẹun gan-an lọ́jọ́ tó bá gbé irin, tí ebi kì í sì í pa á lọ́jọ́ kejì. Àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ ni kí o wò.

Tó bá sì jẹ́ pé o jẹ ẹ́ lóòótọ́, tí ìwọ̀n rẹ kò kúrò, á jẹ́ pé àlékún yẹn kì í ṣe àlékún mọ́. Ara rẹ ti jó o. Ìwọ lè fi 200 míì lé e láìbẹ̀rù. Iye tí òṣùwọ̀n bá fi sún ni à ń wò, kì í ṣe iye tó wà nínú ìwé.

---

Wádìí-Wò:

Ẹ̀gbọ́n, ìṣirò yín dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò ni. Ara kì í ṣe ìwé báńkì. Ǹjẹ́ ẹnì kan ti mú àwọn tó ń gbé irin, kó pín wọn sí méjì, kó bọ́ àwọn kan púpọ̀, kó bọ́ àwọn kejì díẹ̀, kó sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀? Àwọn tí kò gbé irin nínú ìwádìí ti 1999 yẹn, ó dájú pé ọ̀rá ni wọ́n máa ní. Irin ló yẹ kó yí ibi tí oúnjẹ ń lọ padà.

---

Olùkọ́ Irin:

Ó wà. Ina Garthe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é ní Nọ́wè, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2013. Àwọn eléré ìdárayá tó mọṣẹ́ wọn gan-an ni wọ́n lò, kì í ṣe ẹni tuntun, gbogbo wọn sì ń gbé irin fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Wọ́n tọ́ àwọn kan sọ́nà láti máa jẹ nǹkan bí 500 kálórì lé ohun tí ara wọn nílò. Àwọn yòókù jẹun bó ṣe wù wọ́n. Àwọn tó jẹ púpọ̀ wúwo sí i ní ìdá 3.9 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn kejì ní ìdá 1.5. Ẹ wá wo ọ̀rá: ti àwọn tó jẹ púpọ̀ fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ti àwọn kejì fi ìdá 3. Ní ti ẹran ara tí kì í ṣe ọ̀rá, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó èyí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà.

500 ni o, kò dé 1,000, àwọn tó sì jẹ ẹ́ kì í ṣe ẹni tó ń jókòó.

---

Wádìí-Wò:

Mo mọ iṣẹ́ yẹn. Kílò 1.7 ni àwọn tó jẹ púpọ̀ rí, kílò 1.2 ni àwọn kejì rí, tí kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ ní kò tó nǹkan. Ìdajì kílò láàárín oṣù bíi méjì sí mẹ́ta, fún eléré ìdárayá tó ti mọṣẹ́, ṣé kékeré ni? Àwọn èèyàn tí wọ́n kó jọ kò pọ̀, bí ìyàtọ̀ gidi bá tiẹ̀ wà, ó lè má fara hàn. Pé wọn kò rí i kọ́ ló ní kò sí. Tí mo bá ń múra ìdíje tí ọ̀rá kò ní pa mí lára níbẹ̀, mo lè gba ọ̀rá yẹn kí n lè rí ìdajì kílò náà.

---

Olùkọ́ Irin:

O ní ẹ̀tọ́ láti rò bẹ́ẹ̀, n kò sì lè fi ìwádìí kan ṣoṣo pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Ẹni tó ń gbé irin fún ìdíje agbára, tí kò sí ní ìsọ̀rí ìwọ̀n kékeré, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Àmọ́ má gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ń pè ní "tí kì í ṣe ọ̀rá" ló jẹ́ iṣan. Omi àti ṣúgà tí iṣan ń kó pamọ́ wà níbẹ̀. Gíráàmù ṣúgà kan máa ń di omi tó tó gíráàmù 3 mọ́ra. Ẹni tó ń jẹun púpọ̀ ní láti ní ìyẹn ju ẹni tó ń jẹ díẹ̀ lọ, a ò sì lè sọ pé gbogbo ìdajì kílò yẹn ni iṣan.

Eric Helms àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tún un wò, ó jáde lọ́dún 2023. Àwọn tó ti mọ irin gbé ni. Àwọn kan jẹ iye tó mú wọn dúró lójú kan, àwọn kan fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, àwọn kan fi ìdá 15 lé e, fún ọ̀sẹ̀ 8. Wọ́n fún awọ ara pọ̀ láti wọn ọ̀rá abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì wọn bí iṣan ṣe nípọn tó. Bí ẹnì kan ṣe ń yára wúwo tó ni ọ̀rá abẹ́ awọ rẹ̀ ń pọ̀ sí i tó. Ní ti iṣan, àǹfààní tó hàn kedere kò sí púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá fi díẹ̀ hàn lọ́nà tí ẹnì kan bíi tìrẹ lè dì mú. Àwọn èèyàn náà kò pọ̀ níbẹ̀, mo gbà.

---

Ìyá Ìbejì:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irin ni, kílò 92 ni mo wà, ọ̀rá sì pọ̀ lára mi látìgbà tí mo ti bímọ. Ẹni tó ń kọ́ mi ní jíìmù ní kí n fi 400 lé oúnjẹ mi kí iṣan lè jáde, pé tí iṣan bá ti jáde ọ̀rá á lọ fúnra rẹ̀. Bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kí n jẹ ẹ́ ni, àbí kí n má jẹ ẹ́?

---

Olùkọ́ Irin:

Ẹ má fi nǹkan kan lé e, mà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀rá sì wà lára rẹ̀ tó pọ̀, agbára tí ara rẹ̀ máa fi kọ́ iṣan ti wà lára rẹ̀. Ẹ lè jẹ 300 sí 400 dín ní iye tó ń mú yín dúró lójú kan, kí purotéènì pọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ máa fi kún irin yín díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀n yín lè lọ sílẹ̀ kí apá àti itan sì máa le. Iṣan díẹ̀ tó bá jáde kò lè jó ọ̀rá bí wọ́n ṣe sọ fún yín. Agbára tí kílò iṣan kan ń ná nígbà tí èèyàn jókòó jẹ́ẹ́ kò tó 15 kálórì lójúmọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣì ń fún ọmọ lọ́yàn, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dín oúnjẹ kù.

---

Apá Bí Irókò:

Ẹ̀yin ń ka ìwé, àwa ń gbé irin. Nígbà tí mo ń jẹ gbogbo nǹkan, irin tí mò ń fi àyà tì sókè ń lọ sókè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí mo ṣe dín oúnjẹ kù báyìí, ó dúró. Kí ni ìyẹn bí kì í bá ṣe iṣan? Ẹ kò sì tíì dáhùn ọ̀rọ̀ purotéènì tí mo sọ. Mo mọ ẹni tó ń jẹ purotéènì tó pọ̀ gan-an, kò sí ikùn lára rẹ̀.

---

Olùkọ́ Irin:

Ti irin ná. Agbára ń lọ sókè fún ìdí púpọ̀ yàtọ̀ sí iṣan tuntun. Nígbà tí o ń jẹun gan-an, iṣan rẹ kún fún ṣúgà, o ń sùn dáadáa, àyà rẹ àti ẹ̀yìn rẹ nípọn, ọ̀nà tí irin ń rìn láti orí àyà rẹ sókè sì kúrú. Gbogbo ìyẹn ń ran irin lọ́wọ́. Tí o bá dín oúnjẹ kù, díẹ̀ nínú rẹ̀ á lọ láìjẹ́ pé iṣan kankan sọnù. Fi irin tí o ń fi apá fa ara rẹ sókè lára ọ̀pá wò ó: ṣé ìyẹn náà lọ sókè nígbà tí o ń wúwo sí i? Bí iye ìgbà tí o lè fa ara rẹ ṣe ń dín kù, tí irin àyà sì ń lọ sókè, ọ̀rá wà nínú ohun tí o ń gbé.

Purotéènì, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí o sọ. Ara kì í fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀rá, dídà rẹ̀ ń ná agbára púpọ̀, ó sì ń tètè yóni. Ẹni tó bá fi kún oúnjẹ rẹ̀ lè má sanra bí ẹni tó fi epo kún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ti pọ̀ jù, ara á máa jó purotéènì náà fún agbára, á wá fi ọ̀rá inú oúnjẹ yòókù pamọ́. Ibi tí ọ̀rá gbà wọlé nìyẹn. Iṣan náà kò sì ń rí àǹfààní rẹ̀ mọ́. Gíráàmù 1.6 sórí kílò ìwọ̀n ara kan lójúmọ́ ti tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹni tó bá fẹ́ kó dá òun lójú lè dé 2.2. Ẹni kílò 75, ìyẹn jẹ́ 120 sí 165.

---

Ọmọ Tẹ́ẹ́rẹ́:

Mo ti wọ̀n ọ́n. Ikùn kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 79, ó ti di 88. Apá kúrò ní 31, ó ti di 32 àti ààbọ̀. Ó dùn mí díẹ̀, àmọ́ ó yé mi báyìí. Ẹ wá sọ èyí tí n óò ṣe fún mi. Èló ni kí n fi lé e, báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé ó ti tó tàbí ó ti pọ̀ jù kí ikùn tó tún sọ fún mi?

---

Olùkọ́ Irin:

Fún irú rẹ, 200 sí 300 kálórì lé iye tó ń mú ọ dúró lójú kan. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè lọ sí 400 tàbí 500 fún oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí irin, 100 sí 200 máa ń tó o, nítorí pé iṣan tó kù fún un láti rí kò pọ̀.

Má fi 2,600 ti tẹ́lẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ o. O ti wúwo sí i, iye yẹn ti yí padà. Jẹ 2,800 lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, kí o wo ohun tí òṣùwọ̀n ń sọ. Àràárọ̀ ni kí o gùn ún, lẹ́yìn tí o bá ti lọ sí ilé ìyàgbẹ́, kí o tó mu omi. Má wo ti ọjọ́ kan. Ìwọ̀n èèyàn lè fi kílò kan yàtọ̀ láàárín ọjọ́ méjì nítorí iyọ̀ tó jẹ lálẹ́ nìkan. Kó ti ọjọ́ 7 pọ̀, fi 7 pín in, ìyẹn ni ìwọ̀n rẹ lọ́sẹ̀ náà. Ti ọ̀sẹ̀ kan ni o máa fi wé ti ọ̀sẹ̀ kejì. Bí kò bá kúrò lójú kan, 2,800 ni ìpìlẹ̀ rẹ. Bó bá ń lọ sílẹ̀ tàbí sókè, sún un díẹ̀.

Nígbà tí o bá wá fi àlékún lé e, ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì máa tàn ọ́ jẹ. Omi àti ṣúgà inú iṣan ló ń kọ́kọ́ wọlé, òṣùwọ̀n lè fò sókè ní kílò kan. Má tìtorí rẹ̀ dín oúnjẹ kù. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta lọ ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í ka á. Ìdá 0.25 sí 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ lọ́sẹ̀ ni à ń wá. Fún ẹni kílò 75, nǹkan bíi gíráàmù 190 sí 375 nìyẹn. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ 3 léra wọn, yọ 100 kúrò. Tí kò bá dé ibẹ̀, tí irin rẹ kò sì lọ sókè, fi 100 kún un.

Téèpù ìdodo yẹn, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Tí apá àti itan bá ń tóbi tí ìdodo kò fi ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ láàárín oṣù kan, ọ̀nà rẹ dára. Tí ìdodo nìkan bá ń sún tí ìwé irin rẹ kò yí padà, oúnjẹ kọ́ lo nílò sí i, irin rẹ ni kí o tún wò.

Ohun kan tó máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni ṣíbí. Ṣíbí epo kan tó kún dé etí jẹ́ nǹkan bí 120 kálórì. Tí o bá da epo sínú ìkòkò láìwọ̀n ọ́n, tí o ní ṣíbí kan ni, tó sì jẹ́ méjì àti ààbọ̀, o ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú àlékún ọjọ́ náà níbẹ̀ láìmọ̀. Ẹ̀pà lílọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣíbí tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 16, èyí tí èèyàn fi ń bù ú kó ga bí òkè lè jẹ́ ìlọ́po méjì. Nígbà tí àlékún rẹ bá jẹ́ 250, àṣìṣe ṣíbí epo kan lè tó bí ìdajì rẹ̀.

---

Jẹun-Má-Sanra:

Mo gbé ìwọ̀n sí ilé ìdáná lánàá nítorí ọ̀rọ̀ yín. Ìrẹsì tí mo ń kọ sílẹ̀ pé ó jẹ́ gíráàmù 300, 210 ni. Mílíìkì tí mo pè ní kọ́ọ̀bù méjì, ọ̀kan àti díẹ̀ ni. Kò sí 1,000 kankan níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí n má jẹ ju 300 lé e lọ, ẹsẹ̀ mi tí kò dúró sì lè ti jó ìyẹn. N óò fi ọ̀sẹ̀ 3 wọn nǹkan kí n tó tún sọ̀rọ̀.

---

Ọmọ Tẹ́ẹ́rẹ́:

Ọ̀kan ló kù. Ṣé kí n kọ́kọ́ fọ ọ̀rá yìí kúrò, àbí kí n bẹ̀rẹ̀ 250 yẹn láti ibi tí mo wà?

---

Apá Bí Irókò:

Má fọ nǹkan kan. Oṣù 3 péré lo ti lò. Tí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í ní ebi báyìí, èyí tí o rí náà á lọ.

---

Olùkọ́ Irin:

Níbí mo gbà fún un dé ibì kan. Ẹni tuntun tí ìdodo rẹ̀ wà ní 88 kò tíì sanra débi tí kò fi lè tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n iṣan kì í lọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí èèyàn bá dín oúnjẹ kù díẹ̀ tó sì ń gbé irin tó wúwo, tí purotéènì rẹ̀ tó. Èmi, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni n óò fi jẹ 400 dín, kí o sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí 75, kí o wá bẹ̀rẹ̀ àlékún kékeré láti ibẹ̀. Ìdí mi ni pé ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ látorí ikùn tó ti yọ kì í ní sùúrù pẹ̀lú àlékún. Bó bá ti rí i pé sẹ̀ǹtímítà kan fi kún un, á dín oúnjẹ kù, á tún pọ̀ ọ́ sí i, ọdún kan á lọ, kò ní kúrò lójú kan.

Tí ikùn náà kò bá dà ọ́ láàmú rárá, jẹ iye tó mú ọ dúró fún oṣù kan, kí o máa fi kún irin. Ẹni tuntun ṣì lè rí iṣan bẹ́ẹ̀.

---

Wádìí-Wò:

Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó lọ. Àlékún 250 yẹn, ṣé ojoojúmọ́ ni, àbí ọjọ́ irin nìkan? Mo ti gbọ́ méjèèjì, àwọn tó ń sọ ọ́ sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó dá wọn lójú.

---

Olùkọ́ Irin:

Iṣan ń kọ́ ara rẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn irin, nítorí náà ọjọ́ ìsinmi náà wà lára iṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń ní kí àwọn tí mò ń kọ́ jẹ ẹ́, nítorí ó rọrùn láti kà. Àwọn kan ń kó 400 sí ọjọ́ irin 4, wọ́n ń fi 50 péré lé ọjọ́ 3 tó kù. Àpapọ̀ ọ̀sẹ̀ náà bá 250 lójoojúmọ́ mu. N kò tíì rí ohun tó fi hàn mí pé ọ̀kan lé èkejì lórí ohun tó ń yọ lára. Èyí tí o bá lè jẹ láìgbàgbé ni kí o mú.

---

Wádìí-Wò:

Ọjọ́ irin ni èmi óò kó o sí, ebi máa ń pa mí jù lọ́jọ́ náà. Ọmọ Tẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ jẹ tìrẹ lójoojúmọ́, kí àwa méjèèjì mú téèpù wá síbí lẹ́yìn oṣù 3.